Ìwé Méjì, Ìmọ̀ràn Méjì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìwé Ìtọ́jú Oyún àti Ọmọ Tuntun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Oyún oṣù mẹ́jọ ni mo ní, àkọ́bí mi sì ni. Ìwé tí ìyá mi fi tọ́ wa ní kí a máa da ọmọ dojú bolẹ̀ sùn, kí èébì má baà há a lọ́fun. Èyí tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní kí a máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Dókítà ló kọ méjèèjì. Èwo ni kí n tẹ̀lé?

Ìdáhùn: Ẹ máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ sùn, lọ́sàn-án àti lóru, títí yóò fi pé ọmọ ọdún kan. Ẹni tó kọ ìwé ìyá yín kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣi àwọn òbí lọ́nà. Ohun tí àwọn dókítà ń sọ nígbà náà ló kọ, ó sì dára kí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní 1946 ni Dókítà Benjamin Spock, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ìtọ́jú ọmọ kan jáde tí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ òbí rà káàkiri ayé. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe láàárín àwọn ọdún 1950, ó gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa da ọmọ dojú bolẹ̀, nítorí pé bí ọmọ tó fẹ̀yìn lélẹ̀ bá bì, èébì lè há a lọ́fun. Ó bá làákàyè mu létí, àmọ́ a kò tíì fi iye ọmọ tó ń kú lójú oorun lọ́nà kìíní wé ti ọ̀nà kejì kí ìmọ̀ràn náà tó wọ ìwé. Nígbà tí wọ́n wá fi wéra, àwọn ọmọ tó ń dojú bolẹ̀ sùn ni ikú òjijì ń mú lọ jù. Ní 2005, àwọn olùṣèwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù kó gbogbo ìwádìí àtijọ́ jọ, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ láti 1970. Wọ́n ṣírò pé ká ní a ti tètè yí ìmọ̀ràn náà padà ni, ó kéré tán ọmọ 50,000 ni ì bá má kú ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti agbègbè Ọsirélíà. Lẹ́yìn tí ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í polongo fífi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ ní 1994, irú ikú bẹ́ẹ̀ dín kù ju ìdajì lọ.

Ní ti èébì tó ń ba ìyá yín lẹ́rù, ẹ jẹ́ kí a jọ wo ọ̀fun ọmọ náà. Ẹ fi ọwọ́ kan iwájú ọrùn yín. Ohun líle tí ọwọ́ yín bà yẹn ni kòmóòkun, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀nà oúnjẹ wà. Bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, kòmóòkun ló wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ ló wà nísàlẹ̀, wàrà tó bá sì pọ̀ jáde kò lè ṣàdédé gòkè wọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Yóò gbé e mì padà tàbí kí ó ṣàn jáde lẹ́nu. Tí a bá dà á dojú bolẹ̀, ọ̀nà oúnjẹ ló bọ́ sókè, wàrà náà sì lè ro sí ẹnu kòmóòkun.

Nítorí náà, kí ẹ tó ka ìwé kankan, ẹ wo ojú ewé tí wọ́n kọ ọdún ìtẹ̀jáde sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọdún àtúntẹ̀ tàn yín jẹ, nítorí pé ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2019 lè jẹ́ ọ̀rọ̀ 1975 gan-an tí wọ́n kàn fi bébà tuntun tẹ̀. Ọdún tí wọ́n tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe ni kí ẹ wá. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ibi tó ti sọ̀rọ̀ oorun. Ìwé tó bá ní kí ọmọ dojú bolẹ̀ sùn, tàbí tó ya àwòrán ọmọ tuntun sáàárín ìrọ̀rí àti bùláńkẹ́ẹ̀tì kíki, ti pẹ́ jù fún yín, ohun yòówù tí ẹ̀yìn ìwé ìbáà sọ.

Ìbéèrè: Ẹ kú àárọ̀, mà. Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ìwé tí wọ́n fún wa níbí ní kí a má fi ohunkóhun sí ìwọ́ ọmọ. Àbúrò mi obìnrin tó bímọ ní Ìbàdàn ní jẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n fún òun láti máa fi pa á. Ó dà bíi pé ọ̀kan nínú wọn ṣì í.

Ìdáhùn: Méjèèjì ló tọ̀nà níbi tí wọ́n wà. Ní ibi tí ìbímọ ti mọ́ tónítóní, tí wọ́n fi abẹ tí a sè gé ìwọ́, tí kò sì sí ẹni tí yóò fi nǹkan mìíràn pa á, kí a jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀ ni ìtọ́jú tó dára jù. Lọ́dọ̀ wa, ìyá àgbà lè fẹ́ fi òrí, ọṣẹ ìfọyín, eérú tàbí ìgbẹ́ màlúù sí i, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àrùn ipá àti ti ẹ̀jẹ̀ ti ń rí ọ̀nà wọlé. Nítorí ìyẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí a máa lo kilorẹksidíìnì lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ní àwọn ibi tí àṣà fífi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa ìwọ́ ti wọ́pọ̀. Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fún àbúrò yín nìyẹn, ìdá 7.1 nínú 100 ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀.

Ẹ bá mi kìlọ̀ fún un pé ìwọ́ nìkan ni ó wà fún. Àwọn kan ní ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣì í mú, wọ́n rò pé oògùn ojú ni, ó sì ba ojú ọmọ jẹ́. Kí ó má ṣe gbé e sí ibi tí oògùn ojú wà rárá.

Nígbà tí ìwé méjì bá ta kora báyìí, ẹ bi ara yín léèrè irú ilé àti irú ìbímọ tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Bí pupa bá yí ìdodo ká, tó ń rùn tàbí tó ń sun ọyún, kò sí ìwé tí ẹ ó tún wò mọ́. Ilé ìwòsàn ni.

Ìbéèrè: Mà, ìwé kan tí ọ̀rẹ́ mi yá mi ní kí ìyá gbẹ ibi ọmọ, kí ó lọ̀ ọ́ sínú kápúsù, kí ó máa gbé e mì, pé yóò mú wàrà pọ̀, kò sì ní jẹ́ kí ìrẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ìbímọ mú un. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àṣà tó gbòde ni, ìwádìí kò sì fi ìdí àǹfààní kankan nínú èyí tí ìwé náà kà sílẹ̀ múlẹ̀. Ewu rẹ̀ ni a ní ẹ̀rí rẹ̀. Ní 2017, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà ròyìn ọmọ kan ní ìpínlẹ̀ Oregon tí àrùn wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n yẹ kápúsù ìyá rẹ̀ wò, irú kòkòrò kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀, nítorí pé gbígbẹ tí wọ́n gbẹ ẹ́ kò pa á. Àwọn àgbà wa tó ń ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀ kò pàdánù oògùn kankan. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá sì mú yín lẹ́yìn ìbímọ tó kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì yín. Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọkàn mi kò balẹ̀. Ọmọ mi wọn kílò 3.2 nígbà tí mo bí i. Ọjọ́ kẹwàá nìyí, 2.9 ló wọn lánàá. Ó ń sùn dáadáa. Ìwé tí mo ń tẹ̀lé ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni kí n máa fún un lọ́mú, kí ó má baà bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ń tọ̀ lójúmọ́.

Ìdáhùn: Ẹ fún un lọ́mú báyìí, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì wo bí ó ṣe ń fa ọmú. Gbogbo ọmọ tuntun ló ń fọn díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, àmọ́ ó yẹ kí tirẹ̀ ti máa padà bọ̀ sípò báyìí, kí ó sì tó ìwọ̀n ìbí rẹ̀ bí ó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì. Gíráàmù 300 tó dín kù lára kílò 3.2 ju ìdá 9 nínú 100 lọ. Láti ọjọ́ karùn-ún, ó yẹ kí ó máa tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, ó kéré tán. Oorun tí ẹ sọ pé ó ń sùn dáadáa yẹn ló ń kọ mí lóminú jù, nítorí pé ọmọ tí kò yó kì í fi gbogbo ìgbà sunkún. Ó lè rẹ̀ ẹ́ débi tí kò ní lè jí béèrè oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ìmọ̀ràn ìwé náà. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin nínú wákàtí 24 jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá ni ọmọ tuntun sì máa ń mu ọmú lójúmọ́. Àìtó náà ti wà nínú ìlànà yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmú tó kún tí a kò fà ń sọ fún ara pé kí ó dín wàrà kù, nítorí náà bí ẹ ṣe ń dúró de aago ni wàrà yín náà ń lọ sílẹ̀. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni irú ìlànà aago yìí ti ń jáde nínú ìwé, tí ó ń wọlẹ̀, tí ó sì tún ń padà wá pẹ̀lú orúkọ mìíràn.

Ẹ jí i bí ó bá ti pé wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹ tú aṣọ rẹ̀, kí ẹ rọra fi ọwọ́ pa á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kí ẹnu rẹ̀ là gbagada, kí ó gbá púpọ̀ nínú dúdú orí ọmú, kì í ṣe orí ọmú nìkan. Ẹ fetí sílẹ̀: bí wàrà bá ti ń wálẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ bí ó ṣe ń gbé e mì. Ẹ má fún un lómi tàbí àgbo, nítorí pé yóò kún inú rẹ̀ láìsí oúnjẹ níbẹ̀. Bí ó bá ṣòro láti jí i, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó tutù, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí pupa inú ẹyin adìyẹ, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, mà. Wọ́n tún bí mo ṣe ń gbé e sọ́mú ṣe, mo sì ń jí i. Ọjọ́ kẹtàdínlógún nìyí, ó ti di kílò 3.15. Ṣé kí n ju ìwé náà nù?

Ìdáhùn: Ọlọ́run ṣeun. Gíráàmù 250 ní ọjọ́ mẹ́jọ dára púpọ̀. Ẹ má ju ìwé náà nù tí ibi tó ti kọ́ni ní wíwẹ ọmọ àti kíka ibà bá ṣì wúlò fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ fi bírò fa ìlà sórí tábìlì aago inú rẹ̀, kí ẹ kọ ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, 3.2, 2.9 àti 3.15, pẹ̀lú ọjọ́ wọn, kí ẹni tí ẹ bá yá ìwé náà lè rí i.