Bí mo ṣe yanjú àròpọ̀ 1/(n² − 1)

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àròpọ̀ aláìlópin 1/(n² − 1), láti n = 2 lọ, dúró sí iye kan. Mo kọ́kọ́ fi í wé 1/n², tí àròpọ̀ tirẹ̀ dúró. Kò ṣiṣẹ́: n² − 1 kéré sí n², nítorí náà 1/(n² − 1) ló tóbi jù. Ohun tó bá sì ju èyí tó dúró lọ lè dúró, ó lè má dúró.

Òkè ẹyọ wa ló yẹ kí ohun tí a fi ń wé e wà. Láti n = 2 lọ, n²/2 ju 1 lọ, nítorí náà n² − 1 > n²/2. Ìyẹn ni pé 1/(n² − 1) < 2/n². Ní n = 2, 1/3 kéré sí 1/2 lóòótọ́. Àròpọ̀ 2/n² dúró. Gbogbo ẹyọ wa ju òdo lọ, tiwa náà dúró.