Bí a ṣe ń ṣètò ìbéèrè mọ́ọ̀kù Ìṣirò tó jọ ti Wáẹ́ẹ̀kì

Ìbéèrè 50 ló wà nínú ọ̀bújẹ́ẹ̀tíìfù Ìṣirò Wáẹ́ẹ̀kì, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ìdáhùn mẹ́rin ló sì wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Gbogbo olùkọ́ ló mọ èyí. Àwọn ìdáhùn mẹ́ta tí kò tọ̀nà ló sábà máa ń ba mọ́ọ̀kù jẹ́.

Ṣùgbọ́n pínpín ìbéèrè sórí àwọn kókó ló ṣáájú. Kó ìbéèrè ọdún márùn-ún jọ, kí o ṣí sílábọ́ọ̀sì síwájú, kí o sì máa fa ìlà kan síwájú kókó kọ̀ọ̀kan bó bá ti jáde. Bí kókó kan bá jáde nígbà 20 láàárín ọdún márùn-ún, mẹ́rin ni wàá fi sínú mọ́ọ̀kù. Má fojú díwọ̀n rẹ̀ o. Olùkọ́ tí kò bá kà á, kókó tó fẹ́ràn láti kọ́ ni yóò kún ìwé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kọ ìbéèrè. Ká mú ọ̀kan: ìyá kan ra ìrẹsì ní 8,000 náírà, ó tà á ní 10,000. Kí ni èrè rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún? Èrè jẹ́ 2,000. Pín in pẹ̀lú owó tó fi rà á, 25% ni. Wàyí o, má kàn ju 30% àti 40% síbẹ̀. Bi ara rẹ léèrè ibi tí ọmọ ti máa ṣìnà. Ẹni tó bá fi owó títà pín èrè yóò rí 20%. Ẹni tó bá fi owó títà pín owó rírà yóò rí 80%. Ẹni tó bá gbàgbé láti yọ owó rírà kúrò yóò rí 125%. Tò wọ́n láti kékeré dé ńlá: A 20%, B 25%, C 80%, D 125%.

Ẹ ṣọ́ra fún yíyí nọ́ńbà ìbéèrè àtijọ́ padà. Mo ti sọ 10,000 di 11,000 rí láìfọwọ́ kan àwọn ìdáhùn. Ìdáhùn di 37.5%, kò sì sí níbẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n jù ló pẹ́ jù lórí ìbéèrè yẹn, ó ń tún un ṣe, ó ń pa á rẹ́. Ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà náà, olùkọ́ mìíràn ló máa ń ṣe gbogbo 50 náà láìrí ìdáhùn mi, kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bí wọ́n bá ṣe é tán, ka iye ọmọ tó mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn tó mọ̀wé jù bá jọ mú lẹ́tà kan náà tí ìwọ pè ní àṣìṣe nínú ìbéèrè kan, ìdáhùn tìrẹ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò mú kò ṣiṣẹ́. Yọ ọ́, kí o wá àṣìṣe gidi nínú ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ fi rọ́pò rẹ̀.