Bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí mo sọ níbi àríyá ìgbéyàwó mi

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣe ìgbéyàwó wa ní Ìbàdàn, atọ́kùn ètò pè mí, ó ní ìṣẹ́jú 5 péré ni ọkọ ìyàwó ní láti fi dúpẹ́. Ojú ìwé mẹ́ta ni mo ti kọ sílẹ̀ nígbà yẹn. Mo kà á sókè nínú yàrá, mo fi fóònù wo àkókò rẹ̀: ìṣẹ́jú 11. Orúkọ ló gba ibẹ̀ jù. Mo ti to orúkọ ọ̀rẹ́ 16, síbẹ̀ ó ń rú mi lójú bóyá mo ti gbàgbé ẹnìkan.

Mo gbé e lọ bá bàbá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n máa ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ lóde ìdána. Wọn ò tíì ka ojú ìwé kìíní tán tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀.

“Ìyàwó lo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó bí i ńkọ́? Ṣé ojú títì lo ti rí i he ni?”

Ojú tì mí. Wọ́n tún fi ìka tọ́ ibi tí mo kọ “ẹ ṣeun tí ẹ tọ́ ọ dáadáa” sí. Wọ́n ní gbogbo ọkọ ìyàwó ló ń sọ ìyẹn, kí n sọ ohun tí àwọn àna mi ṣe fún èmi gan-an.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tún un kọ. Mo fi àwọn àna mi síwájú, àwọn òbí mi tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà àwọn ọ̀rẹ́, mo wá fi ìyàwó kádìí rẹ̀, nítorí pé tí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, ijó ló kàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo mú lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Fún bàbá ìyàwó, mo kọ nípa owó orí. Lọ́jọ́ ìdána, bí alága ìjókòó ṣe gba àpòòwé náà, Bàbá ò tú u wò, wọ́n dá a padà fún bàbá mi pé, “Ọmọ la fún yín, a ò tà á.” Ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí bàbá mi bí wọ́n ṣe ki àpòòwé náà bọ àpò agbádá, tí wọ́n tún yọ ọ́ jáde, tí wọ́n ń wò ó.

Fún Màmá, mo kọ nípa èlùbọ́. Lọ́dún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, kò sí ìgbà tí ọmọ wọn ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ tí kì í gbé èlùbọ́ dání, nínú ọ̀rá tí wọ́n ta kókó méjì sí lẹ́nu. Màmá ò bi mí rí pé ṣé mo ti ríṣẹ́.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́, mo pa gbogbo orúkọ rẹ́. Mo kọ pé kí àwọn tó bá mi dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ ìdána dìde. Bí wọ́n bá ti dìde, ojú gbogbo ènìyàn á rí wọn, mi ò sì ní fo ẹnikẹ́ni. Ìtàn ẹnìkan péré ni mo sọ, ẹni tó gbà mí sínú yàrá kan ṣoṣo tó ní ní Mọ́kọ́lá fún oṣù mẹ́jọ. Mo kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí n sọ ti yàrá, kí n fi ti owó sílẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ àríyá, mo wá olórí àwọn onílù lọ. Bí onígángan bá gbọ́ orúkọ, á dáhùn, àwọn ènìyàn á sì jáde wá náwó, ọ̀rọ̀ a sì já. Mo bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n dákẹ́ títí wọ́n á fi gbọ́ “Àbẹ̀kẹ́”, oríkì ìyàwó mi.

Nígbà tó kàn mí, mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú tábìlì àwọn àna mi kí n tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bí mo ṣe dé ibi èlùbọ́, Màmá fi etí gèlè bojú. Mo wá yíjú sí ìyàwó mi:

“A bẹ̀ ẹ́ kí a tó rí i kẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ ọ́, o sì dúró tì mí nígbà tí mi ò ní nǹkan tí mo lè fi kẹ́ ọ. O ṣeun, Àbẹ̀kẹ́.”

Gángan sọ. Ṣùgbọ́n Màmá ti dìde nídìí tábìlì, wọ́n gba oríkì náà lẹ́nu mi, wọ́n ń kì í lọ láti Àbẹ̀kẹ́ dé orílẹ̀ bàbá rẹ̀, ìyàwó mi sì kúnlẹ̀ síbi tó wà. Ìṣẹ́jú 6 ni gbogbo rẹ̀ gbà. Màmá ló ni ọ̀kan nínú rẹ̀.