Dígírì Mélòó La Ó Yí Kọ́ńpáńdì Súláìdì Sí Tí A Bá Fẹ́ Gé Tépà?

Ẹni tó bá gbé ṣáfùtì ẹ̀rọ ìrin-gbágùúdá wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í mú àwòrán dání. Ṣáfùtì tó ti jẹ lẹ́nu àti púlì tó máa wọ̀ ọ́ ló ń gbé wá. Àwa tọ́nà tí à ń fi ẹ̀rọ léèsì gé irin la máa wá igun tépà náà, ìyẹn bí ẹnu ṣáfùtì ṣe ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀, fúnra wa.

Fi fáníyà wọn ìdábùú ibi tó nípọn jù àti ibi tó tín-ín-rín jù. Bí ẹnu ṣáfùtì bá ti jẹ jù, ihò púlì ni kí o wọ̀n. Ká ní o rí 40 mm àti 32 mm, tí ọ̀kan sì fi 50 mm jìnnà sí èkejì. Má wọn gígùn yìí lórí ìdagẹ̀rẹ̀ o. Gbọọrọ ṣáfùtì ni kó bá lọ.

Yọ 32 kúrò nínú 40, ó ku 8. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló pín 8 yìí, ẹ̀gbẹ́ kan sì ni irin ìgé ń bá ṣiṣẹ́. 4 la nílò nìyẹn, ká pín in sí ọ̀nà 50. Lórí fóònù:

```
atan((40 - 32) / (2 * 50)) = 4.57
```

Bí ó bá gbé 0.0798 jáde, RAD ló wà. Yí i sí DEG.

Dígírì 4.57 ni ìdajì igun. Ìlọ́po méjì rẹ̀, 9.15, ni odindi igun láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ìdajì yẹn ni kọ́ńpáńdì, súláìdì kékeré tó gbé irin ìgé dání, ń gbà, nítorí pé iṣẹ́ ń yí, ohun tí a gé ní ẹ̀gbẹ́ kan ti hàn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, odindi ni mo yí i sí. Ibi tó yẹ kó jẹ́ 32 mm di nǹkan bíi 24 mm, ṣáfùtì náà sì ṣègbé.

Tú bóòtù kọ́ńpáńdì, yí i kúrò níbi tó ti bá ṣáfùtì lọ gbọọrọ. Lórí ẹ̀rọ mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n kọ 90 sí, 85.43 ni wàá wá kà níbẹ̀. Ìlà ara rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ dígírì kọ̀ọ̀kan, kò lè fi 0.57 hàn dáadáa. Nítorí náà, gbé dáyà géèjì sórí kọ́ńpáńdì, jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kan irin gbọọrọ tó yípo dọ́gba nínú ṣọ́ọ̀kì, láti ẹ̀gbẹ́, ní ìdábùú rẹ̀. Fi kọ́ńpáńdì rin 25 mm: géèjì gbọ́dọ̀ fi 1.99 mm hàn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, fi ọwọ́ gbá kọ́ńpáńdì díẹ̀díẹ̀, kí o tún un wò, kí o tó dè é.

Ẹnu irin ìgé gbọ́dọ̀ bá àárín ṣáfùtì dọ́gba; bó bá ga tàbí tó rẹlẹ̀, ara tépà á tẹ̀. De káréèjì tó ru kọ́ńpáńdì pa, ọwọ́ kọ́ńpáńdì nìkan ni kí o máa yí.

Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, fi ẹfun fa ìlà mẹ́ta gbọọrọ sí ara tépà, fi púlì bọ̀ ọ́, yí i díẹ̀, yọ ọ́. Bó bá jẹ́ ibi tó nípọn nìkan ni ẹfun ti pa rẹ́, igun ṣáfùtì ti tóbi jù. Bó bá jẹ́ ẹnu tín-ín-rín ni, igun náà kéré.