Bí mo ṣe kọ ìkíni ọjọ́ ìbí sí àǹtí tó tọ́ mi

Lọ́dún tó kọjá, kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo fi kí àǹtí mi kú ọjọ́ ìbí. Ẹnì kan ti fi àdúrà gígùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù, òdòdó kún inú rẹ̀ bámúbámú. Mo yan orúkọ àǹtí mi, mo tì í sí wọn, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Ọ̀sán ni wọ́n tó dá mi lóhùn. Ohun tí wọ́n kọ kò ju "Àmín" lọ. Kò sí "ọmọ mi", kò sí "báwo ni ibi iṣẹ́", bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ àǹtí mi mọ̀ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ ní ẹyọ kan.

Mi ò fura. Ìgbà tí ọjọ́ ìbí wọn tún kù bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún yìí ni mo padà lọ wo ohun tí mo fi ránṣẹ́ nígbà náà, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè tún un lò. Àmì ọfà kékeré wà lókè rẹ̀, èyí tó ń sọ fún ẹni tó bá gbà á pé láti ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti wá. Ìyẹn ṣì kéré. Nínú ìlà kẹta, wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè àwọn ọmọ tí ẹ bí." Àǹtí mi ò bímọ. Èmi tí mo gbé lọ́dọ̀ wọn fún ọdún mẹ́fà ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé àdúrà yẹn lé wọn lọ́wọ́ láìkà á.

Àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Iṣẹ́ ló gbé ìyá mi lọ sí ìlú mìíràn nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mo sì ti parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo jókòó láti kọ tọdún yìí, mo ti pinnu pé mi ò ní da nǹkan kan kọ. Mo ṣí ojú ewé tuntun lórí fóònù, mo sì kọ ohun tó wá sọ́kàn mi.

Ohun tó jáde ní àkọ́kọ́ gùn ju ẹni tó ń kọ ọ́ lọ. Mo kọ pé ẹ ṣeun fún gbogbo nǹkan, pé ìfẹ́ yín kò lẹ́gbẹ́, pé bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, mi ò bá má dé ibi tí mo dé lónìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo rí i pé ọmọ ẹlòmíràn lè mú un, kó yí orúkọ orí rẹ̀ padà, kó fi ránṣẹ́ sí àǹtí tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Gbólóhùn "ibi tí mo dé lónìí" ló bí mi nínú jù. Ọjọ́ ìbí wọn ni, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ ara mi.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo wá gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ kan gbé bí wọ́n ṣe jẹ́ sí mi jáde. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹlòmíràn ló bí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni ìyá mi." Ó dùn mọ́ mi. Mo fi han ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kí n tó fi ránṣẹ́. Ó kà á, ó dákẹ́ díẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí Màámi ka èyí?"

Mo ní kì í ṣe Màámi ni mo kọ ọ́ sí.

Ó ní, "Ta ni Àǹtí máa kọ́kọ́ pè kí wọ́n kà á fún?"

Òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n wọn ni ìyá mi. Gbogbo ohun tó bá dùn mọ́ àǹtí mi, ìyá mi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Bí wọ́n bá kà á sókè lórí fóònù, tí wọ́n dé ibi "ẹlòmíràn ló bí mi", ohùn wọn á já, ìyá mi á sì gbọ́ bó ṣe já. Àǹtí mi ò gbà mí lọ́wọ́ ìyá mi. Wọ́n bá a gbé mi ni. Ìkíni tó bá máa fi ọ̀kan ṣe ẹ̀gàn fún èkejì kò lè dùn mọ́ èyíkéyìí nínú wọn, bó ti wù kó dára tó lójú ẹni tó kọ ọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti fi ìkíni sílẹ̀, tí mo lọ wá nǹkan gidi. Mo ní àpò kan tí mo ń kó ìwé àtijọ́ sí. Mo tú u. Mo bá àwọn ìwé èsì ìdánwò mi láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà kan wà tí wọ́n kọ "òbí tàbí alágbàtọ́" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, orúkọ àǹtí mi ló sì wà lórí gbogbo rẹ̀. Wọn kì í kàn buwọ́ lù ú. Wọ́n máa ń jókòó, wọ́n á fa gíláàsì ojú wọn wálẹ̀, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sókè, èmi á sì dúró síwájú wọn, ọwọ́ lẹ́yìn. Ó dìgbà tí wọ́n bá kà á tán kí wọ́n tó mú bíírò. Ọwọ́ wọn sì wúwo. Bí wọ́n bá kọ orúkọ, ó máa ń yọ sí ẹ̀yìn ìwé. Mo yí ti kíláàsì kejì padà, mo fi ìka wá a, orúkọ náà ṣì le níbẹ̀ bí egbò tó ti jinná.

Mo mọ̀ pé mo ti rí i. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ọmọ ẹlòmíràn lè kọ sí àǹtí rẹ̀. Kò tún bu ìyá mi kù, torí ìyá mi náà mọ ẹni tó ń buwọ́ lu ìwé mi, òun ló ní kí wọ́n máa buwọ́ lù ú.

Ó wá ku àdúrà. Mi ò rò pé èèyàn lè kí àgbà kú ọjọ́ ìbí ní Yorùbá kó má fi àdúrà sí i, ìkíni náà á dà bí ẹni tó wọlé tí kò jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀kan tàbí méjì ti tó, kó sì jẹ́ èyí tó bá ẹni náà mu. Mo fẹ́ sá fún ọ̀rọ̀ ọmọ pátápátá lẹ́yìn ohun tí mo ṣe lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó yá, mo rò ó pé sísá fún un náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Wọ́n tọ́ ọmọ. Mo wà níbẹ̀. Nítorí náà, mo yọ "àwọn ọmọ tí ẹ bí" kúrò, mo fi "wa" sí àyè rẹ̀: ẹ ó jèrè wa. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fi rọ́pò rẹ̀, èmi náà sì wọ inú àdúrà náà.

Mi ò dárúkọ ọjọ́ orí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ayé mọ iye ọdún òun á sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Àmì ohùn ló gbà mí lákòókò díẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí ló kàn mí. Bí a bá kọ "e ku ojo ibi" lásán, ẹni tó mọ ohun tó ń kà á tún un ṣe lọ́kàn ara rẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ ọjọ́ ìbí ni ọjọ́ tí a bí èèyàn, ọjọ́ ibi sì ni ọjọ́ aburú. Ohùn tó wà lórí "i" méjèèjì nìkan ló yà wọ́n. Bí àmì ìsàlẹ̀ bá tún lọ, ó lè di ẹ kú òjò, bí ìgbà tí èèyàn bá yà sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo lọ sínú ètò fóònù mi, mo fi pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá kún un, mo sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Àǹtí mi tó máa ń ka ọ̀rọ̀ olùkọ́ pẹ̀lú gíláàsì lójú ò gbọ́dọ̀ máa bá mi tún ìkíni ara wọn ṣe.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"Àǹtí mi, ẹ kú ọjọ́ ìbí.
Mo tú àpò ìwé mi àtijọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Gbogbo ìwé èsì ìdánwò mi, láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ wọn. Mo fi ìka wá a lẹ́yìn ìwé, ó ṣì le níbẹ̀ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́.
Ẹ ṣeun tí ẹ máa ń jókòó kà á tán kí ẹ tó buwọ́ lù ú.
Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó sì jèrè wa.
Èmi ni, ẹni tó ń fi bàtà sẹ́nu ọ̀nà."

Kò ju bí ọ̀rọ̀ 80 lọ. Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì kí n lè mọ ibi tí èémí ti máa tán wọn bí wọ́n bá ń kà á fún ìyá mi. Bí ìkíni bá gùn jù, fóònù á gé e, á ní kí èèyàn tẹ ibì kan kó tó rí ìyókù, mi ò sì fẹ́ kí "ẹ ó jèrè wa" fara pa mọ́ síbẹ̀. Ti bàtà tó wà ní ìparí, ariwo tí wọ́n fi ń jí mi láràárọ̀ ni: "Ta ló tún fi bàtà sẹ́nu ọ̀nà?" Àwa méjì péré la máa ń wà nílé.

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo fi í ránṣẹ́, kí ti àwọn ará ìjọ àti ti ibi iṣẹ́ wọn tó bò ó mọ́lẹ̀. Fóònù mi dún kí n tó wẹ̀ tán. Wọn ò dárúkọ ìkíni kankan. Wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè ìyá mi, wọ́n ní ohùn mi dà bíi ti ẹni tí òtútù mú. Wọ́n wá dákẹ́.

"Ti kíláàsì kẹrin ńkọ́? Èyí tí o ti gba 38 nínú ìṣirò. Ó wà níbẹ̀?"

Mo ní ó wà níbẹ̀, mà.

"Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ̀ tí mi ò buwọ́ lu ìyẹn." Mo gbọ́ tí wọ́n fọn imú. "Ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà."