Dáwódù kì í ṣe onílé: àṣìṣe àwọn ẹbí lórí ogún bàbá

Àdúrà ọjọ́ ogójì bàbá kì í tíì parí tí ọ̀rọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Dáwódù á ní ilé ti di tòun. Wọ́n á ní kí àwọn ọmọbìnrin padà sílé ọkọ wọn, pé ogún bàbá ò kàn wọ́n. Láti Àkúrẹ́ dé ìlú Oǹdó ni mo ti gbọ́ ọ, àwọn tó ń sọ ọ́ sì máa ń pè é ní àṣà wa. Irọ́ ni.

Ohun tí àṣà Yorùbá fún dáwódù ni ipò olórí ẹbí. Ó lè máa gbé ilé bàbá, ó lè pàṣẹ níbẹ̀, òun ni yóò máa gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé kó sì ròyìn rẹ̀ fún ẹbí. Gbogbo ọmọ bàbá, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló jọ ni ilé náà. Ilé ẹjọ́ ti sọ èyí láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé tí wọ́n gbọ́ l'Ékòó ní 1908, ẹjọ́ kan náà ló sì sọ pé bí dáwódù bá kú, ọmọ bàbá tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù ló kàn láti ṣe olórí ẹbí, ìbáà jẹ́ obìnrin.

Níbo wá ni wọ́n ti rí tiwọn? Lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ni. Ní Bìní, ilé tí bàbá gbé tó sì kú sí máa ń jẹ́ ti àkọ́bí ọkùnrin nìkan. Láàárín àwọn Ìgbò kan, àṣà kì í fún ọmọbìnrin ní nǹkan kan, àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé e nínú ẹjọ́ Ukeje ní 2014, tí wọ́n fi abala 42 òfin orílẹ̀-èdè dá a lẹ́bi. Àwọn mìíràn ń fi ti ìyá gbé ti ọmọ: opó ni àṣà Yorùbá kì í pín ogún ọkọ fún.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Bàbá fẹ́ ìyàwó méjì ní ìlànà ìbílẹ̀, ó sì kú láìkọ ìwé ìpíngún. Ìyálé bí Bọ́sẹ̀ àti Dàpọ̀. Ìyàwó kejì bí Táyọ̀, Fúnkẹ́ àti Kúnlé. Dàpọ̀ ni dáwódù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bọ́sẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ dáyé. Ẹbí ta ilé ní 30 mílíọ̀nù náírà. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan á gba 15 mílíọ̀nù: Bọ́sẹ̀ àti Dàpọ̀ á gba 7.5 mílíọ̀nù lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́ta yòókù á gba márùn-ún márùn-ún. Ìdí-igi yìí ni ìlànà àtilẹ̀wá. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n pín in ní orí-òjorí, kí kálukú gba mílíọ̀nù mẹ́fà. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ọ̀nà tí Bọ́sẹ̀ fi gba ohun tó kéré sí ti Dàpọ̀.

Ṣùgbọ́n ká ní Dàpọ̀ nìkan ló dá ilé tà ńkọ́? Ẹ ka ìwé tó fọwọ́ sí. Bó bá tà á bíi pé òun ni onílé, òfo ni títà náà látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá tà á lórúkọ ẹbí láìjẹ́ kí àwọn àgbà inú ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, títà náà á dúró títí ẹnì kan nínú wọn yóò fi ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Ibí ni àṣìṣe àwọn obìnrin máa ń wà. Wọ́n á kọ “Ilé yìí kì í ṣe títà” sára ògiri, wọ́n á padà s'Ékòó, olùrà á wó ilé, á gbẹ́ ìpìlẹ̀, á kan òrùlé. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, adájọ́ lè sọ pé dídákẹ́ wọn ti di ìfọwọ́sí. Ọ̀dà ara ògiri kì í tú ìwé. Lẹ́tà lọ́yà sí Dàpọ̀ àti olùrà ló yẹ kó ṣáájú, kí ẹjọ́ sì tẹ̀ lé e kíá.

Kí àwọn obìnrin náà má ṣe gbẹ̀san o: bí wọ́n bá ta ilé láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni tiwọn náà.

Bí bàbá bá ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí ìyàwó rẹ̀ náà á ní ìpín, ìdí-igi kò sì kàn án mọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó pe ìpàdé ẹbí, kó kọ́kọ́ wá ìwé ìgbéyàwó bàbá nínú àpótí rẹ̀.