Ẹ ní ìwé èésú tiyín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá èésú, ẹ má fi gbogbo àkọsílẹ̀ sọ́wọ́ olórí nìkan o. Ẹ máa kọ déètì, iye tẹ́ ẹ dá, ẹni tó gbà á, àti ẹni tó kó o lóṣù yẹn. Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ oṣù, ká ní ìkẹrin lẹ fẹ́ kó, ẹnì kan wá bẹ̀ yín pé òun ní bùkátà, kẹ́ ẹ gba ìkẹsàn-án òun, ẹ má pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́, ẹ kàn fa ìlà sí i, ẹ kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí gúrúpù kí olórí àti ẹni yẹn fèsì sí i lójú gbogbo èèyàn.